Kì Í Ṣe Sìmẹ́ńtì

Ní ọdún 2004, lórí pápá kan ní Baruwa, níwájú bí ogún ènìyàn, Zacchaeus nàka sí mi, ó ní èmi ni mo ba ẹsẹ̀ ọmọ ajá mi jẹ́. Ó ní orí sìmẹ́ńtì lásán ni mo tọ́ ọ sí, ó ní ẹ̀bà nìkan ni mo fi ń bọ́ ọ. Ọmọ́wùnmí, ọmọ mi obìnrin, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ó gbójú sókè wò mí, ó sì gba Zacchaeus gbọ́.

Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Mo lè gbàgbé ti ogún ènìyàn náà.

Wẹ́dà ni mí ní Ìgàndò. Mi ò kọjá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irin ni mo mọ̀. Láyé ìgbà náà, adigunjalè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní agbègbè wa, gbogbo ẹni tó bá ti kọ́lé ló ń wá ajá, ẹni tó bá sì ti ní ajá ń wá kéèjì, ilé onírin tí ajá ń gbé. Bí mo ṣe mọ Zacchaeus nìyẹn. Èmi ni mo jó gbogbo kéèjì tó wà nílé ẹ̀ ní Baruwa, èmi ni mo jó gééètì ẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Bọ̀dá ni mo máa ń pè é. Òun ni ọ̀gá gbogbo àwa tí a ń sin ajá, torí òun ló ni Major, ògidì Alséṣàn, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá máa ń lò. Ajá náà ga, etí ẹ̀ le sókè, kò sí ẹni tó rí i tí kò ní dúró wò ó. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni pé ṣóńṣó ìrù ẹ̀ rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìṣó tó tẹ̀.

Àṣà kan wà láàárín wa. Tí ajá abo ẹ bá ń wá akọ, wàá mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní akọ. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ìgbà tí abo bá bímọ ni ẹni tó ní akọ á wá, òun ló sì máa kọ́kọ́ mú ọmọ kan, èyí tó bá wù ú jù. Major gun abo ní ìdíkọ̀ Pleasure, ó gun abo ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó gun abo ní Ìkòtún, káàkiri ni Zacchaeus sì ti ń mú ọmọ wálé. Ó máa ń tọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á tà wọ́n. Ibi tó ti mú wọn, kì í sọ ọ́. Àwa náà kò sì bi í rí.

Ọ̀kan tó tà fún mi ni Sísí. "Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti gbé eléyìí wá," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ tuntun ni. Kò sí irú ẹ̀ l'Álímọ̀ṣọ́." Mi ò ní kí n rí ìyá ẹ̀. Ta ló máa lọ wo ìyá ajá ní Jọ́ọ̀sì? Mo rí i pé ṣóńṣó ìrù Sísí náà rọ́. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ti Jọ́ọ̀sì ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Mo ń kánjú. Sísí kò tíì pé ọdún kan tí ó kọ́kọ́ wá akọ, mo mú un lọ bá Major. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Méjì ti kú kí wọ́n tó jáde. Òkè ẹnu ìkẹta là sí méjì, tó bá mu ọmú, wàrà á gba imú ẹ̀ jáde, ọjọ́ kẹta ló kú. Ìkẹrin nìkan ló kù, akọ, Ọmọ́wùnmí sọ ọ́ ní Ṣọjà. Nígbà tí Zacchaeus wá mú ọmọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó gbé Ṣọjà sókè, ó wo ìrù ẹ̀, ó gbé e padà sílẹ̀. Ó ní òun fi sílẹ̀ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Inú ara mi ló ń bí mi lónìí tí mo bá rántí pé mo dúpẹ́.

Nígbà tí Ṣọjà pé oṣù méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro. Nígbà tó pé oṣù mọ́kànlá, kò lè dìde mọ́, á máa wọ́ ìdí nílẹ̀. Mo gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ tí ajá kì í jí lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ́wùnmí ló di orí ẹ̀ mú. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, níbi ìpàdé wa, ni Zacchaeus dìde tó sọ ohun tó sọ. Wọ́n ní kí n má mú ajá wá sí pápá mọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tún gbé iṣẹ́ kéèjì fún mi.

Láti ọjọ́ náà mi ò kí Zacchaeus mọ́. Ọdún mẹ́wàá. Tí mo bá rí i lórí bíríìjì Ìyànà Ìpájà, màá yí padà, màá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mo gbà gùn ún. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí, ó rẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ bẹ̀ mí, mo yí ṣọ́ọ̀ṣì padà.

Ajá tí mo wá sìn lẹ́yìn ìyẹn, Dúdú, kírọ́ọ̀sì ni. Ìyá ẹ̀ jẹ́ ajá ilé lásán tó ń jẹ̀ kiri àdúgbò, bàbá ẹ̀ jẹ́ Alséṣàn ẹnìkan. Etí kan dúró, èkejì wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, ó ṣì ń fo ògiri.

*

Ní ọdún 2014, Ọmọ́wùnmí ti parí ilé ìwé, kò ríṣẹ́. Ó ti fi ọdún méjì wáṣẹ́. Ó ní ajá kan, Queen, abo Alséṣàn tó rà lọ́wọ́ alágbàtà kan ní Ìkòtún, tí ó tọ́ láti kékeré. Ó ní òun máa fi í bẹ̀rẹ̀ òwò ajá, ẹ̀yìnkùlé mi lòun sì máa lò.

"Ta ló máa gùn ún?" mo bi í.

Ó ń fi ọwọ́ pa Queen lórí. "Captain," ó ní. "Ti Bọ̀dá Zacchaeus. Ẹ̀jẹ̀ Major."

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń jó irin sílẹ̀. "Kì í ṣe nínú ilé tèmi."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Captain ni akọ tó dáa jù ní gbogbo ibí. Ìjà ẹ̀yin méjèèjì kò kàn mí."

"Ṣé o rí ìrù Queen?"

"Ìrù tún ni! Ajá mélòó ni ìrù wọn kì í rọ́?"

"Ṣé o rí bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn? Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fò pọ̀."

Ó ti rí i. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò wojú mi: "Mo pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì ni. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì ilé wa yìí náà ni. Wọ́n ní tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì ni, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ kò ní ní in."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá mi láyà bí irin gbígbóná. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin yẹn tún wọ inú ilé mi, ó tún ti ẹnu ọmọ mi sọ̀rọ̀.

Mo ní ká gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà Charity, tó máa ń tọ́jú Dúdú, ní ilé ìwòsàn ẹran kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ Edo ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu ẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ó tẹ ìbàdí Queen, ajá náà ké. Ó rán wa lọ ya ẹ́sírè lọ́nà Ìkẹjà. Nígbà tí a padà dé, ó gbé àwòrán náà sójú iná.

"Ẹ wò ó níbí, Bàbá. Orí egungun itan yẹ kó jókòó sínú ihò ìbàdí dáadáa. Ti Queen kò wọlé tán. Ihò náà kò jìn, orí egungun ń yọ̀."

Ó yé mi ju bó ṣe rò lọ. Híńjì gééètì tí irin inú ẹ̀ kò kún ihò ẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ tí o bá ń ṣí i, á máa jẹ ara ẹ̀.

"Ṣé sìmẹ́ńtì ló fà á, Dókítà?" Ọmọ́wùnmí béèrè.

"Sìmẹ́ńtì tó ń yọ̀ lè dá kún un. Kí ajá sanra jù lè dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wá. Má jẹ́ kó bímọ, àǹtí mi."

"Ṣùgbọ́n ògidì ni!"

"Ògidì ni ìṣòro ẹ̀ nígbà mìíràn. Gbọ́. Ọmọ ajá gba ìdajì lára bàbá, ó gba ìdajì lára ìyá. Ọ̀pọ̀ àbùkù máa ń sápamọ́, kì í jáde àfi tó bá ti ọ̀dọ̀ méjèèjì wá. Tí bàbá àti ìyá kò bá tan mọ́ra, ó ṣòro kí irú àbùkù kan náà pàdé. Ṣùgbọ́n tí o bá jẹ́ kí bàbá gun ọmọ ẹ̀, tàbí kí ọmọ ìyá méjì gun ara wọn, ìpàdé ni o ń ṣètò fún un yẹn. Ọmọ á kéré níye, òmíràn á kú kí wọ́n tó bí i, òkè ẹnu òmíràn á là. Ti ìbàdí yìí kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló ń fà á, nǹkan kéékèèké púpọ̀ ni, àmọ́ inú ẹbí kan náà ni wọ́n á máa kóra jọ sí."

Mo gbá orí àga mú. Ọmọ mẹ́rin. Méjì kú. Òkè ẹnu là. Ó ń ka ilé mi bí ẹni pé ó wà níbẹ̀.

"Kí n wá lọ máa sin kírọ́ọ̀sì bíi Dúdú nìyẹn?" Ọmọ́wùnmí sọ. Omi ti wà lójú ẹ̀. "Ta ló máa rà á?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Kírọ́ọ̀sì sábà máa ń le torí ẹ̀jẹ̀ méjì tó jìnnà síra ló pàdé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Tí ìbàdí bàbá àti ti ìyá bá ti bàjẹ́, kírọ́ọ̀sì náà á tiro. Dúdú gan-an, tí kì í bá ṣe pé ẹ gún un lábẹ́rẹ́, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ì bá ti pa á ní kékeré. Ògidì náà wà tó dáa, tí ẹni tó ń sìn ín bá mọ ohun tó ń ṣe."

"Báwo ni màá ṣe mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

"Bi í ní ìbéèrè. Ní kó fi ìyá hàn ẹ́, kí o rí i pẹ̀lú ojú ẹ. Ní kó fi ẹ́sírè ìbàdí akọ hàn ẹ́. Béèrè bàbá àti ìyá akọ náà, kó sì jẹ́ pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wo ibi tí àwọn ajá ń sùn, gbogbo ẹ̀, kì í ṣe iwájú nìkan. Kì í ta ọmọ ajá kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kì í jẹ́ kí wọ́n gun abo tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Á sì bi ìwọ náà léèrè bí wàá ṣe tọ́ ajá náà, tí nǹkan bá sì ṣe é, á ní kí o dá a padà fún òun. Ẹni tí kò bá bi ẹ́ ní nǹkankan, ajá kọ́ ló ń tọ́jú."

Nígbà tí ó sọ ti kí wọ́n má gun ọmọdé, mo wolẹ̀. Sísí kò tíì pé ọdún kan. Ìyẹn kì í ṣe ti Zacchaeus. Tèmi ni.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà, Ọmọ́wùnmí ní, "Dókítà kò mọ Captain. Bọ̀dá Zacchaeus ti ń sin ajá fún ọgbọ̀n ọdún. Àfi tí àwọn fúnra wọn bá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, ẹ̀yin ni ẹ sọ pé kì í ṣe sìmẹ́ńtì ló ba ẹsẹ̀ Ṣọjà jẹ́, àwọn ní òun ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Queen gbé orí lé ẹsẹ̀ Ọmọ́wùnmí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti ọjọ́ méje, ọjọ́ tí abo á gbà fún akọ kò jìnnà mọ́.

*

Ọjọ́ Sátidé òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo tẹ̀ lé Ọmọ́wùnmí àti Queen lọ sí Baruwa. Gééètì tí mo jó ní 2002 ṣì wà níbẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀. Zacchaeus jáde wá pẹ̀lú agboòrùn. Ó ti darúgbó, èjìká ẹ̀ ti rọ̀.

"Háà! Àjíṣafẹ́! Ṣé ojú ẹ nìyí? Mo rò pé o ti búra."

"Ọmọ mi ni mo sìn wá."

"O ò kí mi?"

"Ẹ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú ẹ̀. Ó yíjú sí Ọmọ́wùnmí, ó yìn ín, ó yin Queen. Kéèjì iwájú mọ́ tónítóní, ọmọ ajá mẹ́ta wà nínú ẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n. Kò bi wá ibi tí Queen yóò bímọ sí, kò bi wá bí ara ẹ̀ ṣe rí.

Ọmọ́wùnmí mú fóònù jáde, ó ń kà á bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè rí ìyá àwọn ọmọ yìí?"

"Ìyá wọn ti rin ìrìn àjò."

"Ajá?" mo ní.

"Mi ò bá ìwọ sọ̀rọ̀, jàre."

"Ẹ́sírè ìbàdí Captain ńkọ́, sà?"

"Ẹ́sírè? Ajá ni, kì í ṣe gómìnà."

"Bàbá àti ìyá ẹ̀, sà? Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?"

Ó fọwọ́ kan iwájú orí. "Inú ibí ni gbogbo ẹ̀ wà. Ọgbọ̀n ọdún. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?"

Ọmọ́wùnmí rọra ti fóònù bọ àpò. Ó wojú mi, ó wo Zacchaeus. Ó ń wá ibi tó máa fi ìrètí ẹ̀ sí.

Mo nawọ́ sí tapólì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ta sẹ́yìn ilé. "Ẹ ṣí ti ẹ̀yìn fún un."

"Kò sí nǹkankan lẹ́yìn."

"Kéèjì márùn-ún ni mo jó sẹ́yìn. Èmi ni mo jó wọn, Bọ̀dá."

Ọdún mẹ́wàá ni mi ò ti pè é ní Bọ̀dá. Ó yọ lẹ́nu mi láìròtẹ́lẹ̀. Òun náà gbọ́ ọ. Òjò ń kán láti etí agboòrùn ẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ni mo gbé tapólì náà sókè. Òórùn jáde kí a tó rí ohunkóhun. Nínú kéèjì kìíní, abo kan dùbúlẹ̀, ọmú ẹ̀ ti fà dé ilẹ̀, ìyá tó rin ìrìn àjò nìyẹn. Ó gbìyànjú láti dìde, ìdí ẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ọmọ kan ṣoṣo wà lábẹ́ ẹ̀, kò mì mọ́. Abo mẹ́ta ló wà nínú àwọn kéèjì ẹ̀yìn náà, ìrù gbogbo wọn rọ́ ní ṣóńṣó. Ọmọ́wùnmí fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Captain dà?" mo bi í.

"Ó wà níbẹ̀ yẹn. Ó ń sinmi."

"Ẹ mú un jáde. Ẹ ní ó máa gun ajá ọmọ mi."

Ó ṣí kéèjì tó gbẹ̀yìn. "Captain! Ó yá, dìde." Ajá náà rẹwà. Orí Major, àyà Major, ojú Major gan-an. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú gbé ara ẹ̀, ẹ̀yìn kò gbéra. Zacchaeus kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn ẹ̀, ó gbé e, bí ènìyàn ṣe ń gbé arúgbó kúrò lórí àga. Captain dúró, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbọ̀n, ó tún jókòó.

"Ọdún mélòó ni, sà?" Ọmọ́wùnmí béèrè.

"Márùn-ún." Zacchaeus kò wojú ẹ̀. "Ó yọ̀ ṣubú lọ́jọ́sí ni. Ilẹ̀ yẹn ń yọ̀. Sì..."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ parí ẹ̀," mo ní. "Ṣé sìmẹ́ńtì náà ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ajá iwájú ń sunkún. Zacchaeus ṣì wà lórí eékún ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ikùn ajá náà, òjò sì ti rin ín torí ó ti ju agboòrùn sílẹ̀. Mo ti ronú ọjọ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Ọmọ́wùnmí ní, "ta ni bàbá Queen?"

"Ní Ìkòtún lo ti rà á, àbí? Èmi ni mo gbé e fún alágbàtà yẹn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni." Zacchaeus fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Captain ni bàbá ẹ̀. Ó ṣì lè dúró nígbà yẹn."

"Ẹ sì fẹ́ kó gùn ún?" Ọmọ́wùnmí béèrè.

"Mo rò pé lẹ́ẹ̀kan yìí ó lè dáa. Ìgbà mìíràn ó máa ń dáa."

"Sísí ńkọ́?" mo béèrè.

Zacchaeus tú ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ikùn Captain. Ajá náà rọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé orí lé itan ẹ̀. Ọmọ mi ni ó wò, kì í ṣe èmi.

"Sísí kò débi kankan rí ní Jọ́ọ̀sì," ó ní. "Pleasure ni mo ti mú un, ọmọ tí wọ́n fún mi torí Major gun ìyá ẹ̀ ni. Major ló bí i. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá ẹ gbé e wá, mo ní kí Major gùn ún. Ìgbà tí mo rí ìrù Ṣọjà, mo mọ ohun tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀ lórí pápá, kò sí ẹni tó tún máa mú abo wá fún mi mọ́. Ni mo bá ní sìmẹ́ńtì ni." Ó mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe sìmẹ́ńtì, Ọmọ́wùnmí. Kì í ṣe bàbá ẹ. Èmi ni."